Ìwé Olópòó Méjì: Kí Lárúbáwá àti Yorùbá Lè Kojú Síra

Ìwé pẹlẹbẹ kan wà tí kò ṣọ̀wọ́n nínú ilé àwa Músùlùmí ilẹ̀ Yorùbá. A máa ń rí i gbà níbi wòlímọ̀, níbi ìsọmọlórúkọ àti níbi àdúà òkú. Àwòrán ẹni tí a ń ṣe é fún ni ó máa ń wà lẹ́yìn ìwé náà. Nínú rẹ̀, a óò rí súrà kéékèèké àti àdúà mélòó kan, Lárúbáwá ní apá ọ̀tún, ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè Yorùbá ní apá òsì. Ẹni tí kò kọ́ kéwú jìnnà a gbé e sọ́dọ̀, a ka ìlà kan ní ọ̀tún, a sì yíjú sí òsì láti mọ ohun tí ó kà.

Irú ìwé yìí ni a fẹ́ yẹ̀ wò. Kì í ṣe ìtumọ̀ inú rẹ̀ ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé, nítorí pé ọ̀pọ̀ àwọn tí ń ṣe é ni wọ́n ń mú ìtumọ̀ láti inú ìwé tí àwọn àáfáà tí ó mọṣẹ́ ti ṣe. Bí a ṣe tò ó sójú ìwé ni a fẹ́ wò. Ìtumọ̀ lè tọ̀nà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí Lárúbáwá náà má ní àṣìṣe kankan, síbẹ̀ kí ìwé máa pa irọ́ fún ẹni tí ń kà á, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí ó kọjú sí áyà kan kì í ṣe ìtumọ̀ áyà náà. Ẹni tí ó gbọ́ Lárúbáwá yóò rí i, yóò sì rẹ́rìn-ín. Ẹni tí a torí rẹ̀ tẹ ìwé náà kò ní rí i rárá.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Ẹni tí ń to ìwé lórí kọ̀ǹpútà máa ń rò pé òpó méjì ni òun fẹ́, nítorí náà yóò lọ tẹ ibi tí a kọ Columns sí, yóò sì mú Two. Ṣùgbọ́n òpó ìwé ìròyìn ni èyí. Ohun tí ó ń ṣe ni pé ọ̀rọ̀ yóò kún òpó kìíní dé ìsàlẹ̀ kí ó tó ṣàn lọ sí òpó kejì. Kọ̀ǹpútà kò mọ̀ pé ohun tí ó wà ní òpó kìíní ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú ohun tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí òǹṣètò bá fi ọgbọ́n ti ọ̀rọ̀ sókè sódò títí wọ́n fi bára mu, wọn yóò bára mu lónìí. Lọ́la, ẹnì kan yóò fi ọ̀rọ̀ kan kún ìtumọ̀ áyà kẹta, ìlà kan yóò lé sí i, gbogbo ohun tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ yóò sì fi ìlà kan sọ̀ kalẹ̀. Lárúbáwá tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì kò ní kúrò lójú kan.

Àwọn mìíràn kì í lo òpó yìí. Wọ́n máa ń tẹ àlàfo léraléra títí ọ̀rọ̀ Yorùbá yóò fi jìnnà sí Lárúbáwá bí wọ́n ti fẹ́. Èyí tún burú ju ti ìṣáájú lọ. Bí a bá gbé ìwé náà dé ọ̀dọ̀ òǹtẹ̀wé, tí irú lẹ́tà tí a lò kò sí lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀, lẹ́tà mìíràn ni yóò fi rọ́pò rẹ̀. Fífẹ̀ lẹ́tà méjì kì í sì í dọ́gba. Gbogbo àlàfo tí a fi òru kà yóò di asán lójú ẹsẹ̀.

Ohun tí ó tọ́ láti lò ni àtẹ, èyí tí kọ̀ǹpútà ń pè ní Table. Òpó méjì ni àtẹ náà yóò ní, iye ìlà àtẹ yóò sì jẹ́ iye gbólóhùn tí a fẹ́ kí ó kọjú síra. Gbólóhùn Lárúbáwá kan nínú àpótí ọ̀tún, ìtumọ̀ rẹ̀ nínú àpótí òsì. Bí ọ̀kan bá gùn ju èkejì, àpótí méjèèjì ni yóò ga sókè pọ̀, nítorí pé ìlà àtẹ kan náà ni wọ́n. Gbólóhùn tí ó tẹ̀ lé e yóò bẹ̀rẹ̀ ní ìpele kan náà ní ọ̀tún àti ní òsì. Bí a bá fi ọ̀rọ̀ ogún kún áyà kẹta, áyà kẹrin kò ní ya kúrò lára ìtumọ̀ rẹ̀, yóò kàn sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ ni. Nínú Properties ti àtẹ náà, ẹ mú Right-to-left, kí òpó kìíní lè jẹ́ ti ọ̀tún, níbi tí Lárúbáwá yẹ kí ó wà. Bí a bá ti parí, a lè pa àwọn ilà tí ó yí àpótí ká rẹ́, kí ojú ìwé má baà dà bí ìwé ìṣírò owó.

Àtẹ mú wàhálà ìṣípòpadà kúrò, ṣùgbọ́n kò lè mọ̀ bóyá àpótí méjì tí a fi kọjú síra jẹ́ ti ara wọn ní tòótọ́. Níbí ni àṣìṣe tí ó lágbára jù ti ń wọlé, súrà tí gbogbo wa mọ̀ jù lọ ni a óò sì fi ṣe àpẹẹrẹ rẹ̀, ìyẹn Fátíhà.

Oríṣi Al-Kùránì méjì ni ó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn Músùlùmí ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Èkíní ni èyí tí a tẹ̀ ní kíkà Háfísì, tí ó gba kíkà rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Ásímù ará Kúfà. Èyí ni wọ́n tẹ̀ ní Káírò ní ọdún 1924, òun náà sì ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ń ti Sáúdì wá. Èkejì ni ti Wáríṣì, tí ó gba kíkà tirẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Náfíù ará Mọ̀dínà. Òun ni ó gbilẹ̀ ní Mòrókò àti Àlìjíríà, ó sì ti pẹ́ nílé-kéwú lọ́dọ̀ tiwa níhìn-ín. Ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun kan náà ni. Àmọ́ àwọn ará Kúfà àti àwọn ará Mọ̀dínà kò ka iye áyà bákan náà, nítorí pé ibi tí àwọn kan gbà pé áyà parí sí, àwọn mìíràn kò dá a dúró níbẹ̀. Áyà 6236 ni ó wà nínú ìkà Kúfà. Áyà 6214 ni ó wà nínú ìkà Mọ̀dínà tí àwọn ìwé Wáríṣì máa ń tẹ̀ lé. Kò sí ọ̀rọ̀ kan tí ó dín, ibi tí a fi nọ́ńbà sí ni ó yàtọ̀.

Wàyí o, ẹ wo Fátíhà. Nínú ìkà Kúfà, Bísímílà ni áyà kìíní. Ìyìn fún Ọlọ́hun Olúwa gbogbo ẹ̀dá ni èkejì, orúkọ àánú méjèèjì ni ẹ̀kẹta, Olùkápá ọjọ́ ẹ̀san ni ẹ̀kẹrin, áyà ìjọsìn tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “iyáka” ni ẹ̀karùn-ún, àdúà ìtọ́sọ́nà ni ẹ̀kẹfà, ọ̀nà àwọn tí a ṣe ìdẹ̀ra fún títí dé òpin súrà ni ìkeje. Nínú ìkà Mọ̀dínà, wọn kò fún Bísímílà ní nọ́ńbà. Ìyìn fún Ọlọ́hun ni áyà kìíní. Ṣùgbọ́n áyà ìkẹyìn ni wọ́n pín sí méjì: ọ̀nà àwọn tí a ṣe ìdẹ̀ra fún dá dúró gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kẹfà, àwọn tí a bínú sí àti àwọn tí ó ṣìnà sì jẹ́ ìkeje. Méje ni ní ibí, méje náà ni ní ọ̀hún.

Ká sọ pé ẹni tí ń to ìwé mú Lárúbáwá láti inú Al-Kùránì Wáríṣì tí bàbá rẹ̀ fi kọ́ kéwú, ó sì mú ìtumọ̀ Yorùbá láti inú ìwé tí ó tẹ̀ lé ìkà Kúfà. Ó kọ Lárúbáwá sílẹ̀, áyà kan lórí ìlà kan. Ó kọ Yorùbá náà bákan náà. Ó ka méjèèjì, méje-méje ni wọ́n. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ó sì fi nọ́ńbà so wọ́n pọ̀ nínú àtẹ. Kí ni ó jáde? Ìtumọ̀ Bísímílà ni ó kọjú sí ìyìn fún Ọlọ́hun. Ìtumọ̀ ìyìn ni ó kọjú sí orúkọ àánú. Orúkọ àánú kọjú sí ọjọ́ ẹ̀san, ọjọ́ ẹ̀san kọjú sí “iyáka”, ìjọsìn kọjú sí àdúà ìtọ́sọ́nà, àdúà ìtọ́sọ́nà sì kọjú sí ọ̀nà àwọn ẹni ìdẹ̀ra. Nígbà tí yóò fi di ìlà keje, ìtumọ̀ gígùn náà dé, ó sì ní ohun tí ó bá Lárúbáwá mu ní apá ìparí rẹ̀. Ẹni tí ó bá yẹ ìsàlẹ̀ ojú ìwé nìkan wò yóò ní ó dára. Ọmọ tí ń fi ìwé náà kọ́ ìtumọ̀ yóò sì dàgbà pẹ̀lú èrò pé ọ̀rọ̀ Lárúbáwá tí ó túmọ̀ sí ọjọ́ ẹ̀san, àánú ni ó ń sọ.

Nítorí èyí ni a ṣe ń sọ pé kíka iye kò tó láti fi yẹ iṣẹ́ wò. Nínú súrà Bákárà, kíka iye yóò tú àṣìṣe náà fó, nítorí pé àwọn ará Kúfà ka lẹ́tà mẹ́ta àkọ́kọ́ sí áyà kan, wọ́n sì ní 286, nígbà tí àwọn ará Mọ̀dínà kò dá a dúró, tí tiwọn fi jẹ́ 285. Iye méjèèjì kò dọ́gba, òǹṣètò yóò sì mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀. Fátíhà kò ní kìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Ohun tí ó yẹ kí a fi yẹ̀ ẹ́ wò ni ọ̀rọ̀ tí a lè dá mọ̀ ní èdè méjèèjì, kódà bí Lárúbáwá wa kò bá jinlẹ̀. Ní Fátíhà, ìlà tí a ti kọ́kọ́ yípadà láti sísọ̀rọ̀ nípa Ọlọ́hun sí bíbá A sọ̀rọ̀ ni ìlà “iyáka”. Nítorí náà, bí a bá yọ Bísímílà sẹ́yìn, “Ìwọ” àkọ́kọ́ tí a bá rí nínú òpó Yorùbá gbọ́dọ̀ kọjú sí “iyáka” nínú òpó Lárúbáwá. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ìwé náà ti yẹ̀ gẹ̀rẹ̀. Nínú àwọn súrà gígùn, orúkọ ènìyàn ni kí a wá. Orúkọ Ànábì Mùsá tàbí ti Fíríáónà kò pamọ́ ní èdè méjèèjì. Ẹ mú ọ̀kan ní ìbẹ̀rẹ̀ súrà, ọ̀kan ní àárín, ọ̀kan ní ìparí. Bí ti ìbẹ̀rẹ̀ bá bára mu tí ti àárín kò bára mu, àárín àwọn méjèèjì ni àṣìṣe wà. Ẹ tún pín ibẹ̀ sí méjì, kò ní pẹ́ tí ẹ óò fi bá a.

Bí a bá bá a ńkọ́? Kì í ṣe Lárúbáwá ni a óò gé láti bá nọ́ńbà mu, kì í sì í ṣe ìtumọ̀ ni a óò yí. Ohun tí ó rọrùn jù ni kí a mú Lárúbáwá àti ìtumọ̀ láti inú ìwé tí ó tẹ̀ lé ìkà kan náà. Bí èyí kò bá ṣeé ṣe, kí a fi ìtumọ̀ so wọ́n pọ̀, kí a fi nọ́ńbà Lárúbáwá tí a lò sí àwọn ìlà náà, kí a sì kọ ọ́ sí ojú ìwé àkọ́kọ́ pé kíkà báyìí ni a tẹ̀ lé. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni yóò gbà.

Ọ̀rọ̀ tí ó kù ni ti bí a ṣe ń gé gbólóhùn. Ọ̀pọ̀ ni ó gbà pé áyà kan ni ìlà àtẹ kan, àti pé kò tún sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n áyà kì í ṣe gbólóhùn. Nígbà mìíràn gbólóhùn mẹ́wàá ni ó wà nínú áyà kan, nígbà mìíràn áyà méjì ni ó di gbólóhùn kan.

Áyà tí ó sọ̀rọ̀ nípa kíkọ gbèsè sílẹ̀, 282 nínú Bákárà ní ìkà Kúfà, ni ó gùn jù nínú Al-Kùránì. Nínú ìtẹ̀jáde Mọ̀dínà tí ó wọ́pọ̀, òun nìkan ni ó gba odidi ojú ìwé kan. Bí a bá fi í sínú àpótí kan ṣoṣo pẹ̀lú ìtumọ̀ rẹ̀, kíkọjúsíra ti parí nìyẹn. Áyà náà àti ìtumọ̀ rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ pọ̀ ní òkè, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ibi tí a ti sọ̀rọ̀ àwọn ẹlẹ́rìí yóò máa wá a kiri bí ẹni tí abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sínú òkùnkùn. Irú áyà báyìí ni kí a pín sí ìlà àtẹ mélòó kan, kí a fi nọ́ńbà sí ìparí èyí tí ó kẹ́yìn nìkan. Kì í ṣe ibi tí ó wù wá ni a óò ti gé e. Àwọn àmì ìdúró tí a ń kọ́ nílé-kéwú ni kí a wò: ibi tí mímù kékeré bá wà lókè ọ̀rọ̀, ìdúró ni, ibi tí jímù bá wà, a lè dúró, ibi tí lámù-álífì bá wà, ẹ má gé e níbẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ kò tíì parí. Àmì tí a ṣe fún ẹnu tí ń ké Al-Kùránì wúlò fún ojú tí ń kà á pẹ̀lú.

Èyí tí ó léwu jù ni òdìkejì rẹ̀. Ẹ wo súrà Máúnù. Áyà kẹrin kéde ègbé fún àwọn tí ń kírun. Áyà karùn-ún ni ó wá sọ irú olùkírun tí a ń bá wí, àwọn tí wọn kò ka ìrun wọn sí. Gbólóhùn kan ni, áyà méjì ni. Nínú àtẹ wa, ìlà méjì ni wọn yóò jẹ́, kò sì sí ohun tí ó burú nínú ìyẹn bí wọ́n bá tẹ̀ lé ara wọn. Ṣùgbọ́n bí ojú ìwé bá parí sí áyà kẹrin ńkọ́? Ìlà ìkẹyìn tí ẹni tí kò gbọ́ Lárúbáwá yóò rí ní ìsàlẹ̀ ojú ìwé ni pé ègbé ni fún olùkírun. Bí ó bá pa ìwé dé níbẹ̀, kí ni ó gbé lọ? Àwọn àáfáà wa ti ń kìlọ̀ tipẹ́tipẹ́ pé kí ẹnikẹ́ni má ka áyà náà kí ó má ka èyí tí ó tẹ̀ lé e. Òǹṣètò ìwé kò gbọdọ̀ ṣe ohun tí a kọ̀ fún ẹni tí ń ké e.

Ọ̀nà láti dènà rẹ̀ kò le. Ẹ fa àmì bo gbogbo ọ̀rọ̀ tí ó wà nínú ìlà áyà kẹrin, ẹ lọ sí Paragraph, lábẹ́ Line and Page Breaks, ẹ mú Keep with next. Láti ìgbà náà, bí áyà karùn-ún bá lọ sí ojú ìwé kejì, yóò fa áyà kẹrin tẹ̀ lé e. Fún gbogbo àtẹ náà lápapọ̀, ẹ lọ sí Row nínú Properties, kí ẹ sì yọ àmì kúrò níwájú Allow row to break across pages, kí àpótí kan má baà pín sí ojú ìwé méjì. Èyí ni ó tún fi hàn pé pípín áyà gígùn ṣe pàtàkì. Bí ìlà àtẹ kan bá fẹ́rẹ̀ẹ́ kún ojú ìwé tí a sì kọ̀ fún un láti pín, yóò fò lọ sí ojú ìwé kejì, yóò sì fi àlàfo ńlá sílẹ̀ lẹ́yìn.

Ní ti fífẹ̀ òpó méjèèjì, a kò gbà pé kí wọ́n dọ́gba dandan. Lárúbáwá kì í fi fáwẹ̀lì kúkúrú gba àyè, orí àti abẹ́ lẹ́tà ni ó ń fi wọ́n sí, nítorí náà ìtumọ̀ Yorùbá ló sábà máa ń gùn jù. Ṣùgbọ́n àwọn àmì náà fẹ́ kí lẹ́tà tóbi kí ojú lè rí wọn, kí àyè tó láàárín ìlà, kí àmì abẹ́ ìlà kan má baà kọlu àmì orí ìlà kejì. Bẹ́ẹ̀ náà ni Yorùbá, tí ó ní àmì ohùn lókè àti kíndò nísàlẹ̀. Ohun tí a lè ṣe ni kí a mú áyà kan tí ó gùn díẹ̀, kí a sì máa fa ilà àárín sí ọ̀tún tàbí òsì títí ìsàlẹ̀ àpótí méjèèjì yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ibi tí ó bá dúró sí ni kí gbogbo ìwé dúró sí. Bí ìwé bá kéré tó bẹ́ẹ̀ tí òpó kan kò lè gbà ju ọ̀rọ̀ mẹ́ta lọ lórí ìlà, ó sàn kí a fi òpó méjì sílẹ̀, kí a kọ ìtumọ̀ sí abẹ́ áyà kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ń ké Lárúbáwá nìkan yóò máa fo Yorùbá kọjá, ṣùgbọ́n ìyẹn sàn ju òpó tẹ́ẹ́rẹ́ tí ń gé ọ̀rọ̀ wẹ́lẹwẹ̀lẹ.

Kí a tún ránti pé gbólóhùn ni òpó méjì ń so pọ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Lárúbáwá lè fi ọ̀rọ̀ ìṣe ṣáájú olùṣe, Yorùbá kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí ó bá ń fi ọ̀rọ̀ kẹta ọ̀tún wé ọ̀rọ̀ kẹta òsì yóò ṣìnà, bí ìwé tilẹ̀ tò dáradára. Ẹ̀yin òbí, ẹ sọ èyí fún wọn kí ẹ tó fi ìwé lé wọn lọ́wọ́.

Nígbà mìíràn tí ẹ bá gba irú ìwé yìí níbi wòlímọ̀, ẹ ṣí i sí Fátíhà, kí ẹ wo ohun tí ó kọjú sí “iyáka”. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí i sí Máúnù, kí ẹ wo ibi tí ojú ìwé parí sí. Bí méjèèjì bá tọ́, ẹni tí ó to ìwé náà ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Bí wọn kò bá tọ́, ẹ fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pe ẹni tí ó pín in, kí ó lè tún un ṣe kí wọ́n tó tẹ òmíràn. Ọlọ́hun ni ó mọ̀ jù.